Bí ẹ ṣe máa ṣòfin Éè-Áì ní yàrá ìròyìn yín, kẹ́ ẹ sì mú àyọlò tẹ́nì kan ò sọ kó tó jáde

Láti bí ọdún kan báyìí, ìbéèrè kan náà làwọn akọ̀ròyìn ń bi mí, yálà a pàdé ní Fájuyì ni àbí wọ́n pè mí láti Ìkọ̀lé àti Ìjerò: "Ẹ̀gbọ́n, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ripọ́tà wa fi sẹ́nu èèyàn yìí, ẹni náà sọ ọ́ lóòótọ́, tó fi jẹ́ pé kì í ṣe Éè-Áì ló hun ún?" Mo ti dáhùn rẹ̀ lẹ́nu títí ó ti sú mi, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwa ṣe ń ṣe é nínú yàrá ìròyìn kékeré tí mo wà ní Adó-Èkìtì, níbi tá a ti jẹ́ olóòtú méjì àti ripọ́tà mẹ́fà, pẹ̀lú àwọn tó ń kọ̀wé ránṣẹ́ láti ìta. Ẹ ò nílò owó ńlá fún un. Ohun tẹ́ ẹ nílò ni fóònù tó ń gbohùn sílẹ̀, ìwé kan tí gbogbo èèyàn fọwọ́ sí, àti olóòtú tí kì í tijú láti béèrè pé "níbo lo ti gbọ́ ọ?"

Mi ò ní sọ gbogbo nǹkan nípa Éè-Áì níbí o. Ọ̀rọ̀ àwòrán ayédèrú àti fídíò wà lọ́tọ̀. Àyọlò nìkan là ń sọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ tá a fi àmì méjì ká mọ́ tá a sì sọ pé lágbájá ló sọ ọ́.

Ọ̀nà tí àyọlò irọ́ ń gbà wọlé

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka apá yìí kẹ́ ẹ tó ṣòfin kankan, torí ọ̀pọ̀ òfin tí mo ti rí, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n dí, wọ́n wá ṣí mẹ́ta tó kù sílẹ̀ gbayawu.

1. Ripọ́tà ní kí ẹ̀rọ Éè-Áì kọ ìròyìn náà. Ó lè má bèèrè àyọlò rárá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti ka ìròyìn tó pọ̀ débi pé ó ti mọ̀ pé ìpínrọ̀ kẹta tàbí ìkẹrin ni èèyàn kan máa ń sọ̀rọ̀, ó sì máa fi ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2024 nìyẹn níléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Cody Enterprise ní ìpínlẹ̀ Wyoming, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Akọ̀ròyìn ilé iṣẹ́ míì tó wà nítòsí wọn ló fura pé àwọn ọ̀rọ̀ náà ń dún bákan, ló bá ń pe àwọn tí wọ́n dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èèyàn tí kò dín ní méje sì sọ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí àwọn lẹ́nu kì í ṣe tàwọn. Kódà wọ́n fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu gómìnà ìpínlẹ̀ náà. Ìròyìn kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ìpínrọ̀ ìkẹyìn rẹ̀ ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń to ìròyìn, pé ohun tó ṣe pàtàkì jù ni wọ́n ń fi síwájú. Olóòtú ò rí i, ó jáde bẹ́ẹ̀.

2. Áàpù tó ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀ kíkọ. Eléyìí ló ń dẹ́rù bà mí jù, torí ripọ́tà tó ń ṣòótọ́ pẹ̀lú lè jìn sí i. Ó lọ sóde, ó gbohùn sílẹ̀, ó dé ilé, ó sọ fáìlì sínú áàpù, ó kó ohun tó jáde síbẹ̀, kò sì gbọ́ ohùn náà mọ́. Lọ́dún 2024, àwọn onímọ̀ kan yẹ Whisper wò, ìyẹn ẹ̀rọ tí OpenAI ṣe fún iṣẹ́ yìí, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ègé ohùn, bí ẹyọ kan ni ẹ̀rọ náà ń fi ọ̀rọ̀ tàbí odindi gbólóhùn tẹ́nì kan ò sọ kún. Ó sì máa ń ṣe é jù níbi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ti dákẹ́ díẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dán an wò o. Kẹ́ ẹ wá fojú inú wo Yorùbá, kẹ́ ẹ tún fojú inú wo Èkìtì, níbi tí ìyá àgbà ti ń pe ilé ní "ulé" tó ń pe iṣu ní "uṣu", tí ẹ̀rọ ọlọ́kadà sì ń han létí wọn. Ohun tí ẹ̀rọ náà ò gbọ́, kì í sọ pé òun ò gbọ́, á kàn fi nǹkan dí i ni.

3. "Bá mi tún un ṣe." Ripọ́tà kọ ìròyìn fúnra rẹ̀, àyọlò rẹ̀ pé, ó wá ní kí ẹ̀rọ bá òun tún èdè rẹ̀ ṣe. Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé inú àmì méjì kì í ṣe ibi tí wọ́n ń fọwọ́ kàn, á bá ìyálọ́jà tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ.

4. Ìtumọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èèyàn sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, a fi ẹ̀rọ sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì fún ojú ewé Gẹ̀ẹ́sì, ẹlòmíì wá mú Gẹ̀ẹ́sì yẹn padà sí Yorùbá. Ohun tó padà wá kì í ṣe ohun tó lọ mọ́, síbẹ̀ àmì méjì ṣì wà lára rẹ̀.

Ṣíṣe òfin: ojú ìwé kan ṣoṣo

Bó bá ti kọjá ojú ìwé kan, kò sẹ́ni tó máa kà á. Ẹ jókòó gbogbo yín, kì í ṣe olóòtú nìkan, torí àwọn ripọ́tà ló mọ áàpù tí wọ́n ń lò ní ti gidi.

1. Ẹ kọ́kọ́ béèrè láìbínú. Kí oníkálukú kọ ohun tó ti fi Éè-Áì ṣe láàárín oṣù kan sẹ́yìn, láìkọ orúkọ síwèé. Nígbà tá a ṣe tiwa, mo rò pé èèyàn méjì ni máa rí, márùn-ún nínú mẹ́fà ló ti lò ó, mẹ́ta ló sì ń lo áàpù tó ń kọ ohùn sílẹ̀. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìhàlẹ̀, mi ò ní mọ̀.

2. Ẹ pín iṣẹ́ sí mẹ́ta. Ohun téèyàn lè ṣe láìbéèrè: ṣíṣàyẹ̀wò sípẹ́lì, wíwá àkọlé, kíka ìwé ìjọba gígùn kó tó lọ wo ibi tó fẹ́ lò fúnra rẹ̀. Ohun tó gbọ́dọ̀ sọ fún olóòtú kó tó ṣe é: kíkọ ohùn sílẹ̀ àti ìtumọ̀. Ohun tó jẹ́ èèwọ̀ pátápátá: kí ẹ̀rọ kọ ọ̀rọ̀ sẹ́nu èèyàn, kó dá èèyàn tí kò sí sílẹ̀, tàbí kó fọwọ́ kan ohun tó wà nínú àmì méjì, ì báà jẹ́ kọ́mà.

3. Ẹ kọ gbólóhùn kan tí kò ní ìtumọ̀ méjì lórí àyọlò. Tiwa rèé: "Kò sí ọ̀rọ̀ tó máa wà nínú àmì àyọlò láìjẹ́ pé akọ̀ròyìn fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ tàbí ó fi ojú ara rẹ̀ kà á níbi tó ti jáde, tó sì lè fi hàn wá." Ẹ kíyè sí i pé kò dárúkọ Éè-Áì. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí àwọn kan ti ń hun ọ̀rọ̀ sẹ́nu èèyàn kí ẹ̀rọ kankan tó dé, òfin tó bá dárúkọ ẹ̀rọ nìkan, wọ́n á ní àwọn ò lo ẹ̀rọ.

4. Ẹ sọ ibi tí fáìlì ohùn ò gbọdọ̀ dé. Ohùn ẹni tó ní kẹ́ ẹ má dárúkọ òun, ohùn ọmọdé, ohùn obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, kò gbọdọ̀ wọ áàpù ọ̀fẹ́ kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti wọ̀ ọ́, ẹ ò lè gbà á padà mọ́. Irú ohùn bẹ́ẹ̀, ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́ sílẹ̀.

5. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá jẹ́wọ́. Ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ kí ìròyìn tó jáde pé "ìpínrọ̀ yìí, ẹ̀rọ ló kọ ọ́ o," ẹ má fìyà jẹ ẹ́, ẹ bá a yọ ọ́. Ìyà wà fún ẹni tó bá fi pamọ́. Láìsí èyí, gbogbo wọn á pa ẹnu mọ́ títí tí ẹni tí wọ́n fọ̀rọ̀ sí lẹ́nu fi máa pe lọ́yà.

6. Kí gbogbo èèyàn fọwọ́ sí i, títí kan àwọn tó ń kọ̀wé ránṣẹ́ láti Ọ̀tùn tàbí Òmùò tí wọn kì í wá sí ọ́fíìsì, àti olóòtú náà pẹ̀lú.

Bí kọ́pì ṣe gbọ́dọ̀ wọlé

Ibí ni iṣẹ́ wà jù. Tẹ́ ẹ bá ní kí olóòtú máa wá àyọlò irọ́ nínú kọ́pì tí kò ní ẹ̀rí kankan lára, ẹ ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá lé e lọ́wọ́. Ẹ yí i padà: ripọ́tà ló máa mú ẹ̀rí wá pẹ̀lú kọ́pì, olóòtú á kàn yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ripọ́tà fi nọ́ńbà sí gbogbo àyọlò tó wà nínú kọ́pì rẹ̀, A1, A2, A3, kó wá kọ ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìsàlẹ̀. Ìlà náà máa sọ ẹni tó sọ̀rọ̀, fáìlì tó wà, ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, àti bóyá ẹ̀rọ ló kọ ọ́ sílẹ̀, ìyẹn "ero", tàbí ripọ́tà fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ, ìyẹn "eti". Bí tiwa ṣe rí nìyí:

```
A1 | iyaloja  | oja_ohun1.m4a | 04:10 | eti
A2 | awako    | oja_ohun2.m4a | 11:05 | ero
A3 | agbe     | iwe akosile, oju 12 | eti
```

Tó bá jẹ́ ohùn Wásáàpù ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, kó má kàn gbé e lọ síbòmíì, fáìlì tó wà lórí fóònù rẹ̀ ni ká rí. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Áńdíróìdì, orúkọ fáìlì ohùn Wásáàpù máa ń ní déètì nínú, bíi `PTT-20250314-WA0007.opus`, tẹ́ ẹ bá wo nọ́ńbà àárín yẹn ẹ máa rí i pé ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2025 ló wọlé. Ripọ́tà tó ní àná lòun bá èèyàn sọ̀rọ̀, tí déètì sì ń sọ oṣù tó kọjá, ó yẹ kó ṣàlàyé.

Àwọn kan máa ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, òótọ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á ti máa kọ ìṣẹ́jú sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ohùn náà, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lórí kọ́pì kan.

Yíyẹ̀wò: bí olóòtú ṣe ń ṣe é

1. Ẹ fa àyọlò nìkan yọ kúrò nínú kọ́pì, ẹ tò wọ́n sójú ìwé òfìfo, ẹ kà wọ́n sókè. Tí ìyálọ́jà, awakọ̀ àti kọmíṣọ́nnà bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni kan náà, ẹ ti rí nǹkan. Èèyàn kì í sọ̀rọ̀ bí àtẹ̀jáde. Wọ́n máa ń gé ọ̀rọ̀, wọ́n máa ń tún un sọ, wọ́n máa ń dárúkọ nǹkan tó wà níwájú wọn, agbọ̀n, afárá, ọmọ wọn. Àyọlò tó ní "ìpèníjà" àti "a ń rọ ìjọba" nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, láti ẹnu ẹni tó ń ta iṣu, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ná.

2. Ẹ ṣí fáìlì ohùn, ẹ lọ sí ìṣẹ́jú tó kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú kó tó débẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ́tí sí i kọjá ibi tó parí sí. Ó ṣe pàtàkì kẹ́ ẹ gbọ́ ìbéèrè tí ripọ́tà béèrè, torí "bẹ́ẹ̀ ni" tí èèyàn fi dáhùn lè ti di odindi gbólóhùn lẹ́nu rẹ̀.

3. Níbi tí wọ́n bá kọ "ero" sí, ẹ gbọ́ gbogbo àyọlò náà, ẹyọ kan ò gbọdọ̀ yẹ̀. Ẹ ṣọ́ ibi tí ìdákẹ́jẹ́ tàbí ariwo wà.

4. Tí kò bá sí ohùn, ẹ pe ẹni náà. Ẹ wá nọ́ńbà rẹ̀ fúnra yín lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ọlọ́jà tàbí akọ̀wé rẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tí ripọ́tà fún yín. Ẹ má ka ọ̀rọ̀ náà fún un lákọ̀ọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá sọ pé "mà, ẹ sọ báyìí báyìí, àbí?" ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Èkìtì máa ní bẹ́ẹ̀ ni, torí wọn ò fẹ́ dójú ti ọmọ tó wá bá wọn, tàbí torí ọ̀rọ̀ náà dùn ju tiwọn lọ. Ẹ kí wọn dáadáa, kẹ́ ẹ wá béèrè: "Mà, ọmọ wa kan wá bá yín lọ́jà, kí lẹ sọ fún un?" Kí wọ́n sọ tán kẹ́ ẹ tó ka ohun tó wà níwèé.

5. Fún ẹni tó wà nípò, ẹ fi gbólóhùn náà sínú àmì méjì lórí Gúgù kẹ́ ẹ wá a. Tó bá jẹ́ inú àtẹ̀jáde tàbí ìròyìn ẹlòmíì ló ti wá, ó máa ń jáde síbẹ̀. Bí kò bá jáde, ìyẹn ò sọ ọ́ di irọ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣì nílò ẹ̀rí.

6. Fún ọ̀mọ̀wé tàbí dókítà, ẹ wádìí pé ó wà láyé ná, kẹ́ ẹ tó wádìí ohun tó sọ. Ẹ pe ẹ̀ka tí wọ́n ní ó ti ń ṣiṣẹ́.

Mo ti rí ilé iṣẹ́ tó jẹ́ pé kọ́pì ni wọ́n ń sọ sínú áàpù tó ń sọ pé "èèyàn ló kọ ọ́" tàbí "ẹ̀rọ ló kọ ọ́", tí wọ́n sì gbà pé àwọn ti yẹ iṣẹ́ wò nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbára lé e. OpenAI fúnra wọn ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 2023, nínú ohun tí ẹ̀rọ kọ, ìdá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún péré ló dá mọ̀, ó sì tún ń fẹ̀sùn kan ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí èèyàn kọ, oṣù keje ọdún yẹn ni wọ́n pa á tì. Kódà bó bá mọ̀ ọ́n pẹ̀lú, ìbéèrè wa kọ́ nìyẹn. Èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ irọ́, ẹ̀rọ sì lè to ọ̀rọ̀ tí èèyàn sọ gan-an. Ohùn tàbí ẹni tó sọ̀rọ̀ nìkan ló lè dáhùn.

Kọ́pì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin

Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọjọ́bọ̀ ni, aago méjì ọ̀sán, kọ́pì kan wọlé lórí bí owó ọkọ̀ láti àwọn oko tó yí Ìkẹ́rẹ́ ká ṣe ń gbé owó iṣu ga lójà Adó. Ọ̀rọ̀ bíi 640, ó kọ ọ́ dáadáa, ó dùn ún kà. Àyọlò mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Aago márùn-ún ló yẹ ká tì í jáde.

A1 jẹ́ ti ìyálọ́jà. Nínú kọ́pì, ó ní: "Ìpèníjà owó ọkọ̀ ti ṣàkóbá fún ọrọ̀ ajé wa, a sì ń rọ ìjọba láti dá sí i." Mo ṣí ohùn náà ní ìṣẹ́jú kẹrin, ohun tí mo gbọ́ ni: "Ọkọ̀ ti wọ́n jù. Uṣu tí à ń kó wá yìí, owó ẹ̀ ti wọnú ọkọ̀ tán." Ó wà, ó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dára ju èyí tí wọ́n gbé wọ̀ ọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ripọ́tà ní òun kàn ní kí ẹ̀rọ bá òun tún èdè ṣe ni. Ọ̀nà kẹta nìyẹn. A dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà bó ṣe sọ ọ́, "uṣu" náà sì wà níbẹ̀, a ò yí i sí iṣu.

A2 ni ti awakọ̀, òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó wa sí wàhálà. Nínú kọ́pì, awakọ̀ náà ní àwọn máa ń fowó fún àwọn agbófinró lójoojúmọ́ kí wọ́n tó jẹ́ káwọn kọjá. Ripọ́tà kọ "ero" síwájú rẹ̀, ìṣẹ́jú kọkànlá. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ìṣẹ́jú kọkànlá àti ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ohun tó wà níbẹ̀ títí di ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlógún kò ju ariwo ẹ́ńjìnnì lọ, ọkùnrin náà ò sọ̀rọ̀ rárá. Áàpù ló fi gbólóhùn náà dí ariwo. Ripọ́tà ò purọ́, kò kàn padà gbọ́ ohùn rẹ̀ ni. Ká ní ó jáde, orúkọ awakọ̀ yẹn àti nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ tó wà nínú fọ́tò máa jẹ́ kí wọ́n wá a délé, lórí ọ̀rọ̀ tí kò sọ. A yọ ọ́, a fi èyí tó sọ ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án nípa owó epo rọ́pò rẹ̀.

A3, àgbẹ̀ kan, kò sí ohùn, inú ìwé àkọsílẹ̀ ló wà. Mo pè é, mo ní kó sọ ohun tó sọ, ó sọ ọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bákan náà. Ó kọjá. A6 náà kọjá.

A4 jẹ́ ti òṣìṣẹ́ ìjọba kan lórí títún ọ̀nà oko ṣe. Mo wá a lórí Gúgù, ó jáde nínú àtẹ̀jáde ọdún tó ṣáájú. Òun ló sọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí ripọ́tà wa, kì í sì í ṣe lọ́sẹ̀ yẹn. A yọ "ó sọ fún akọ̀ròyìn wa" kúrò, a kọ pé inú àtẹ̀jáde ọdún tó kọjá ló ti sọ ọ́.

A5 ni ọ̀mọ̀wé nípa ètò ọ̀gbìn, orúkọ rẹ̀ pé, oyè rẹ̀ pé, yunifásítì rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí ohùn, kò sí ìwé, nínú ìlà ẹ̀rí ó kọ "fóònù". Mo pe ẹ̀ka náà, akọ̀wé wọn ní àwọn ò ní ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì tíì sí i rí. Mo pe ripọ́tà jókòó, mo ní kó fi nọ́ńbà tó pè hàn mí. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá sọ pé òun ní kí ẹ̀rọ "fi ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé kan sí i kó lè wúwo", pé òun rò pé ẹ̀rọ máa mú ẹni gidi ni.

Gbogbo rẹ̀ gbà wá ní àádọ́ta ìṣẹ́jú. Ìròyìn náà jáde lọ́jọ́ kejì, ó kúrú sí bíi 410 ọ̀rọ̀. Ọmọ náà ò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo béèrè ló tó jẹ́wọ́, torí náà a padà yẹ gbogbo ohun tó ti kọ láàárín oṣù mẹ́ta wò, ìròyìn mẹ́rìnlá, a rí méjì míì tó ní àyọlò tẹ́nì kan ò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, a sì tún wọn ṣe ní gbangba. Fún oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, kò dá kọ́pì fi sílẹ̀. Bí mo ṣe rí i nìyẹn, ẹlòmíì lè lé e, mi ò bá a jà. Ohun tí mi ò ní gbà ni kẹ́ ẹ yọ A5 kẹ́ ẹ má padà wo iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá, torí ẹni tó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan tí kò sẹ́ni tó mú un, á tún un ṣe.

Àṣìṣe tí mo ń rí ṣáá

- Wíwo àyọlò tó le nìkan. Irọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ tó le, inú ọ̀rọ̀ tó rọ̀, tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, ló máa ń fara pamọ́ sí, torí wọ́n mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ní pe lórí "inú wa dùn sí ìdàgbàsókè yìí".
- Gbígba ọ̀rọ̀ kíkọ tí áàpù ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ohùn ni ẹ̀rí. Ohun tí áàpù kọ kàn ń tọ́ka sí ibi tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni.
- Fífi "ará agbègbè kan" tàbí "olùgbé kan tí kò fẹ́ ká dárúkọ òun" bo àyọlò. Ẹ lè pa orúkọ mọ́ fún òǹkàwé, ṣùgbọ́n olóòtú gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.
- Pípa fáìlì ohùn rẹ́ nítorí àyè fóònù. Tiwa ni oṣù mẹ́fà ó kéré tán, nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. Tí ẹjọ́ bá wà, a ò ní pa á rẹ́ títí yóò fi parí.
- Fífura sí ẹni tó mọ̀wé kọ. Àwọn èèyàn wà tí wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ bí ìwé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Èdè tó dán kàn ń sọ pé kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn ni, kò sọ pé ẹ fi ẹ̀sùn kan èèyàn.

Tẹ́ ẹ ò bá tó èèyàn

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín, ẹ̀yin nìkan lẹ jẹ́ olóòtú, ripọ́tà àti ẹni tó ń tì í jáde. Ẹ ò lè gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣe báyìí: gbogbo àyọlò tó fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, gbogbo èyí tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀, àti gbogbo ẹni tẹ́ ẹ ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ẹ yẹ ìwọ̀nyí wò láìfi ọ̀kankan sílẹ̀. Nínú èyí tó kù, ẹ mú ẹyọ kan láti inú kọ́pì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ má sọ èyí tẹ́ ẹ máa mú tẹ́lẹ̀.

Tí dẹ́dílaìnì bá sì ti dé tí àyọlò kan ò tíì fìdí múlẹ̀, ẹ má sọ ọ́ di "wọ́n ní". Bó ṣe jẹ́ irọ́ nínú àmì méjì náà ló ṣe jẹ́ irọ́ níta rẹ̀. Ẹ yọ ọ́.

Tó bá ti jáde kẹ́ ẹ tó mọ̀

1. Ẹ pe ẹni tí wọ́n fọ̀rọ̀ sí lẹ́nu kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan míì. Kì í ṣe tẹ́síìtì, ẹ pè é. Tó bá jẹ́ àgbàlagbà tó wà nítòsí, kí olóòtú fẹsẹ̀ lọ bá a.
2. Ẹ yọ àyọlò náà kúrò lórí ìròyìn, ṣùgbọ́n ẹ má yọ ọ́ ní bòńkẹ́lẹ́. Ẹ kọ ọ́ sókè ìròyìn pé ọ̀rọ̀ báyìí tá a fi sẹ́nu lágbájá, kò sọ ọ́, a ti yọ ọ́, ọjọ́ báyìí la yọ ọ́. Ẹ dárúkọ ẹni náà, torí orúkọ rẹ̀ lẹ bà jẹ́.
3. Tẹ́ ẹ bá kà á lórí rédíò tàbí fi sí Fesibúùkù, ẹ tún un sọ níbẹ̀ náà, ní àkókò kan náà tẹ́ ẹ kà á tẹ́lẹ̀.
4. Ẹ padà sí iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ẹni tó kọ ọ́.
5. Ẹ wo ìlà ẹ̀rí kọ́pì náà, kẹ́ ẹ mọ ẹni tó fọwọ́ sí i pé òun gbọ́ ohùn. Tó bá jẹ́ olóòtú ló fọwọ́ sí i láìgbọ́, orúkọ tiẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé tẹ́ ẹ máa kọ sí àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́.